Kí ẹ tó fọwọ́ sí "a ti tú ara wa sílẹ̀" nínú ìwé ogún

"Ó ti lé ní ọdún kan tí bàbá wa ti kú, wọn kò ṣe ìwé ìhágún. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ Ìgbómìnà, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n fi ìyàwó méjì sílẹ̀ àti ọmọ méje: márùn-ún lọ́dọ̀ ìyáálé, èmi obìnrin àti àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, lọ́dọ̀ ìyá wa. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin àgbà, ọmọ ìyáálé, ti mú ìwé wá, wọ́n ní kí gbogbo wa fọwọ́ sí i. Mílíọ̀nù 3 náírà ni wọ́n kọ fún mi, ilé yóò sì di tiwọn. Àwọn náà ló ń gba owó ṣọ́ọ̀bù bàbá wa láti ọjọ́ yìí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti tú ara wa sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Àlàáfíà ni mo fẹ́. Ṣé kí n fọwọ́ sí i?"

Ẹ má tíì fọwọ́ sí i, ẹ má sì fà á ya. Ìwé àdéhùn ẹbí lórí ogún kì í ṣe ohun búburú rárá. Òfin ìjọba gbà á, àṣà Yorùbá gbà á, ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà gbà á pé kí àwọn ajogún tó ti dàgbà jókòó, kí wọ́n fẹnu kò, kí ẹnì kan gba ohun kan pàtó kó sì yọwọ́ nínú ìyókù. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ẹbí kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, àwọn tó kọ ọ́ dáadáa ṣì ń jọ ń jẹun lọ́jọ́ ọdún. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kà fún mi, gbólóhùn ìtúsílẹ̀ yẹn ló wúwo jù, òun gan-an sì ni wọ́n máa ń sáré kà kọjá nígbà tí wọ́n bá ń ka ìwé sétí ẹbí.

Ohun tí ẹ ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ ju ìpín lọ. Ẹ̀tọ́ láti béèrè ni ẹ ń fi sílẹ̀. Tí ẹ bá ti tú ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀, ẹ kò lè béèrè mọ́ iye tó wà ní báńkì lọ́jọ́ tí bàbá kú, ẹ kò lè béèrè iye tí ṣọ́ọ̀bù ti pa láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè béèrè ẹni tí wọ́n ta mọ́tò fún àti iye tí wọ́n tà á. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ẹbí kì í so ni, pé tó bá yá a ó tún un sọ. Ó ń so ni. Àwọn mìíràn rò pé tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, kò sí ohun tó lè tú u mọ́ láyé. Èyí náà kì í ṣe òótọ́: kóòtù lè fagi lé e bí ó bá hàn pé wọ́n fi dúkìá kan pamọ́ fún ẹni tó fọwọ́ sí i, tàbí pé wọ́n tàn án, tàbí pé wọ́n fi agbára mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí kóòtù fagi lé e ni yóò mú ẹ̀rí wá, ọdún bíi mélòó kan sì lè lọ sórí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn púpọ̀ láti béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí i ju láti béèrè lẹ́yìn rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ìwé yín kò ní, tó sì gbọ́dọ̀ ní, ni àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí bàbá fi sílẹ̀. Kò tó kí wọ́n kọ "gbogbo dúkìá olóògbé". Kí wọ́n kọ ilé náà pẹ̀lú àdírẹ́sì rẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti ẹni tó háyà rẹ̀, báńkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ikú, mọ́tò, owó àjẹmọ́nú bí bàbá bá ṣiṣẹ́ ìjọba, owó tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n. Lẹ́yìn èyí, gbèsè tí àwọn náà jẹ, nítorí gbèsè ni a ń kọ́kọ́ san kí a tó pín ohunkóhun, yálà ní òfin ìjọba ni o tàbí ní Ìsìláàmù. Owó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n náà ń jáde nínú dúkìá. Ẹ ṣọ́ra níbí. Owó pósí tàbí aṣọ òkú àti gbígbẹ́ sàréè yàtọ̀ sí owó kánópì, màlúù àti aṣọ ẹbí. Mo ti rí ibi tí àkọ́bí ti kọ owó ìnáwó ogójì ọjọ́ mọ́ gbèsè òkú, tí àwọn àbúrò sì fi ìpín wọn san owó bàtà àti fìlà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ohun kan tún wà tí kò yẹ kó sí nínú àkọsílẹ̀ náà: ilẹ̀ ẹbí nílé. Bí bàbá yín bá ń dáko lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti bàbá wọn àgbà, ilẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwọn nìkan, ẹ̀yin ọmọ kò sì lè pín in láàárín ara yín. Ti gbogbo agbo ilé ni, ẹ̀tọ́ láti lò ó ló kàn yín. Ẹni tó bá ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí olórí ẹbí, ọjà òfo ló tà. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìsí àwọn àgbà ẹbí, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Ilẹ̀ tí bàbá fi owó ara wọn rà ni ohun tó lè wọ ìwé yín, ẹ béèrè rìsíìtì rẹ̀ tàbí ìwé tí àwọn tó tà á fún wọn kọ.

Ibi tí ìwé yín ti dákẹ́ jù ni èyí: kò sọ òfin tí wọ́n fi ṣírò mílíọ̀nù 3. Ẹ jẹ́ kí n fi iye àpẹẹrẹ ṣe é kí ẹ lè rí bí ó ti rí. Ká sọ pé ilé jẹ́ mílíọ̀nù 27, ṣọ́ọ̀bù mílíọ̀nù 8, owó báńkì mílíọ̀nù 6, mọ́tò mílíọ̀nù 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 44. Ká sọ pé gbèsè kọpuréétíìfù àti ìsìnkú jẹ́ mílíọ̀nù 4. Mílíọ̀nù 40 ló kù fún pínpín.

Bí ẹ bá pín in ní ìdí igi, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni a ń kà. Ìdí méjì ni ẹ jẹ́, mílíọ̀nù 20 fún ìdí kọ̀ọ̀kan. Àwọn márùn-ún lọ́hùn-ún yóò pín tiwọn, mílíọ̀nù 4 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin méjì yóò pín tiyín, mílíọ̀nù 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ orí ò jorí, ọmọ méje ni ẹ jẹ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba mílíọ̀nù 5 àti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 714. Nínú méjèèjì, ọkùnrin kò ju obìnrin lọ, àkọ́bí kò sì ju àbígbẹ̀yìn lọ. Àwọn ìyá kò jogún ọkọ lábẹ́ àṣà, àbò àti ibùgbé ni wọ́n ní. Bí ó bá jẹ́ ti Ìsìláàmù, tí àwọn òbí bàbá yín kò sí láyé mọ́, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti àwọn ìyàwó: mílíọ̀nù 5, ìyàwó kọ̀ọ̀kan mílíọ̀nù 2 àti ààbọ̀. Mílíọ̀nù 35 yóò kù fún àwọn ọmọ, ọkùnrin á gba ìlọ́po méjì obìnrin. Mo rò pé ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin mẹ́rin ni yín lápapọ̀, ẹ tún un ṣe bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Ìpín mẹ́wàá ni yóò jẹ́, mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀ fún ìpín kan. Ẹ̀yin yóò gba mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀, àbúrò yín ọkùnrin mílíọ̀nù 7, ẹ̀gbọ́n yín àgbà náà mílíọ̀nù 7.

Ẹ wo bí owó ọmọ kan ṣoṣo ti ń sún láti mílíọ̀nù 10 bọ́ sí mílíọ̀nù 3 àti ààbọ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni jí kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi lè mọ̀ bóyá mílíọ̀nù 3 pọ̀ tàbí ó kéré, títí ẹ ó fi mọ òfin tí wọ́n lò àti ohun tí wọ́n kà. Lábẹ́ ìṣirò àpẹẹrẹ yìí, kò tó èyí tó kéré jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ tún wo ẹ̀gbọ́n yín: ẹni tí ìpín rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 4 tàbí mílíọ̀nù 7 ló fẹ́ mú ilé mílíọ̀nù 27. Kò burú kó mú un, ṣùgbọ́n yóò fi owó kún un fún àwọn yòókù ni.

Ẹ ó bi mí pé èwo gan-an ló yẹ kó jẹ́ tiyín. Fún Mùsùlùmí ìlú Ìlọrin, a kì í jiyàn rẹ̀ púpọ̀, ti Ìsìláàmù ni. Fún ọmọ Ìgbómìnà tó jẹ́ Mùsùlùmí, kóòtù máa ń wo irú ìgbé ayé tí olóògbé gbé: bí ó ṣe gbé ìyàwó, bí wọ́n ṣe pín ogún bàbá tirẹ̀, ohun tó ń sọ nígbà ayé rẹ̀. Ẹbí kan náà lè jiyàn níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tó bá jẹ́ àṣà, ìdí igi ni kóòtù kà sí ìlànà. Ẹjọ́ ìdílé Dáwódù ti ìlú Èkó dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìdí igi ni, pé orí ò jorí kàn jẹ́ ohun tí olórí ẹbí lè lò nígbà tí ìjà bá dé lórí ìpín. Àǹfààní àdéhùn ẹbí nìyí gan-an: ẹ kò ní láti ja ìjà yẹn. Ẹ lè mú ọ̀kan, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ ka ìpín Ìsìláàmù, kí àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà wá yọ̀ǹda nínú tiwọn bí ọkàn wọn bá fẹ́. Ohun tó yẹ ni pé kí ìwé sọ ọ́ jáde, "ìlànà báyìí ni a lò, ohun báyìí ni lágbájá yọ̀ǹda." Ẹni tó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó sì yọ̀ǹda rẹ̀, ìyọ̀ǹda rẹ̀ dúró.

Bí ẹ bá lọ sí ti Ìsìláàmù, àwọn ìyá méjèèjì jẹ́ ajogún, wọ́n gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń gbà, kí wọ́n má ṣe wá bí ẹlẹ́rìí lásán. Bí èyíkéyìí nínú wọn kò bá mọ̀wé tó sì jẹ́ ìka ni yóò tẹ̀, òfin ní kí wọ́n ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé wọ́n kà á, pé ó sì yé e kó tó tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó kọ ìwé. Ìtẹ̀ka lásán láìsí àlàyé yẹn, agbẹjọ́rò kékeré ni yóò tú u ká ní kóòtù.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ni ẹ ó fi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀ láìjà. Ọmọ ọdún 15 kò lè tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Bó tilẹ̀ fọwọ́ sí i lónìí, tó bá dàgbà ó lè yí i padà. Ìyá yín náà kò lè yọ̀ǹda ohun tó jẹ́ ti ọmọ náà lórúkọ rẹ̀. Alábòójútó ọmọ ń tọ́jú ìpín rẹ̀ ni, kò láṣẹ láti fi í tọrẹ. Ìpín rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn gedegbe nínú ìwé, kí ó wà ní àkáǹtì tàbí lórí dúkìá tí orúkọ rẹ̀ wà, lọ́wọ́ alábòójútó tí kóòtù mọ̀ sí. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé bí wọ́n bá gba ilé pẹ̀lú ìwé tó wà nílẹ̀ yìí, àbúrò yín á pé ọdún 18 láìpẹ́, ẹnu ìloro ilé náà ni ẹjọ́ yóò ti kàn wọ́n. Ìwé tó dáàbò bo ọmọ náà ló ń dáàbò bo àwọn náà.

Lórí ilé, àṣìṣe ńlá ni láti rò pé àdéhùn ẹbí fúnra rẹ̀ ń sọ ilé di ti ẹnì kan. Àdéhùn yín ń so ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i. Kò so báńkì, kò so ẹni tí bàbá jẹ ní gbèsè, kò so ọ́fíìsì ilẹ̀. Kí báńkì tó sanwó, yóò béèrè ìwé àṣẹ tí Kóòtù Gíga ìpínlẹ̀ Kwara fi ń yan alábòójútó dúkìá olóògbé, tí a ń gbà ní ọ́fíìsì prọbéètì ní Ìlọrin. Orúkọ tí bàbá kọ sí báńkì pé òun ni ìbátan tó súnmọ́ wọn jù kò sọ ẹni náà di olówó, ẹni tí wọ́n lè pè ni. Àwọn tí kóòtù bá yàn ni yóò sì gbé ilé lé ẹni tí ẹ fẹnu kò lé lórí lọ́wọ́. Bí ilé náà bá ní ìwé àṣẹ gómìnà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sí-ọ́fù-ó, ẹ rántí pé Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 kò gbà kí a gé e sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ikú onílé láìgba àṣẹ gómìnà. Àwọn tó ń kọ "iwájú ilé fún Ìdí Kìíní, ẹ̀yìn ilé fún Ìdí Kejì" sínú ìwé àdéhùn máa ń bá ìṣòro yìí pàdé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà. Lẹ́yìn náà ni owó òǹtẹ̀ ìjọba àti ìforúkọsílẹ̀. Ẹ fẹnu kò lórí ẹni tí yóò san owó wọ̀nyí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tó gba ilé ló yẹ kó san án.

Wàyí o, gbólóhùn ìtúsílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí mo ti máa ń rí i nínú ìwé tí kò dára nìyí: "Àwa ọmọ olóògbé ti gba ìpín wa pátápátá, a sì tú ara wa sílẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀tọ́, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀, láti òní lọ." Ẹ wo ìdí tó fi burú. Ó ní ẹ ti gbà nígbà tí ẹ kò tíì gbà. Ó ní ẹ dárí èyí tí ẹ kò mọ̀ jì. Kò sì yọ ọmọdé sílẹ̀. Èyí tí mo lè kọ fún yín rí báyìí: "Lọ́jọ́ tí mílíọ̀nù báyìí bá wọ àkáǹtì lágbájá, tí kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ báyìí, lágbájá yóò tú àwọn yòókù sílẹ̀ lórí àwọn dúkìá tó wà nínú àkọsílẹ̀ tó tẹ̀lé ìwé yìí, àti lórí owó ṣọ́ọ̀bù tí a ti ṣírò dé òní. Àwọn náà yóò tú u sílẹ̀ bákan náà. Ohunkóhun tí a bá rí lẹ́yìn èyí tí kò sí nínú àkọsílẹ̀ náà, a ó pín in ní ìlànà kan náà. Gbèsè olóògbé tó bá yọjú, ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san án ní ìwọ̀n ìpín rẹ̀. Gbólóhùn yìí kò kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18." Bí owó kò bá wọlé lọ́jọ́ tí a dá, ìtúsílẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ṣì wà lọ́wọ́ yín. Èyí nìkan ti yanjú ìjà tó pọ̀, nítorí nínú èyí tí mo ń rí, owó tí wọ́n ṣèlérí tí kò dé ló máa ń fa wàhálà ju ìwà jìbìtì lọ.

Ẹ fi sọ́kàn pé ìtúsílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀tún àti ti òsì. Bí ẹ bá tú ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n tú yín sílẹ̀, wọ́n lè padà wá sọ pé bàbá ra nǹkan kan fún yín nígbà ayé wọn tó yẹ kí wọ́n yọ kúrò nínú ìpín yín.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti tún ìwé náà kọ, kì í ṣe pé ilẹ̀kùn tì. Ẹ lè gbé pínpín lọ sí Kóòtù Éríà kí alùkáálì pín in ní ti Ìsìláàmù, ó máa ń yá, owó rẹ̀ kì í sì í wúwo, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ìpín obìnrin ni ẹ ń lọ gbà níbẹ̀. Ẹ lè lọ sí Kóòtù Gíga kí ẹ béèrè ìṣirò owó àti ìpín, ó pẹ́, ó náni lówó, ó sì lè ya ìdílé. Ọ̀nà àárín kan wà tí mo fẹ́ràn fún ẹbí tó ní ọmọdé: kí ẹ fẹnu kò, kí ẹ wá gbé àdéhùn náà síwájú adájọ́ kó sọ ọ́ di ìdájọ́. Adájọ́ á wo ẹ̀tọ́ ọmọdé náà dáadáa, ẹnikẹ́ni kò sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láìkọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ kóòtù. Ó jẹ́ owó agbẹjọ́rò díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n bá gbà lọ́nà yẹn, wọ́n lè tà á fún ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè yín ní ọmọ tó gbé ẹbí lọ sí kóòtù. Bíbéèrè kì í ṣe pípe ẹjọ́. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n bàbá yín tàbí àbúrò wọn kan tí ìdí méjèèjì bọ̀wọ̀ fún lọ́wọ́, ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín nílé. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ fọwọ́ sí i, ẹ ṣáà bá mi fi àkọsílẹ̀ dúkìá àti ìṣirò owó ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí á kọ ti àbúrò mi sọ́tọ̀." Kí agbẹjọ́rò tiyín ka èyí tí wọ́n bá tún kọ, nítorí èyí tó kọ ti àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n yín ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gba mílíọ̀nù 3 yẹn sọ́wọ́ ná, ẹ lè gbà á, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé "apá kan nínú ìpín mi, kì í ṣe gbogbo rẹ̀," kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ìyá yín.